Owó Oṣù Tí Kò Jáde Láago Kan Òru

Aago méje ààbọ̀ kò tíì lù láàárọ̀ Jímọ̀, ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá, tí Mọ́mì Akáǹtì fi pè mí. Wọn ò tilẹ̀ dúró kí n kí wọn tán. "Ẹ̀yin ará kọ̀ǹpútà yìí, ṣé ẹ sùn gbàgbé ni? Àlẹ́ẹ̀tì ò tíì wọlé sórí fóònù ẹnì kankan o."

Ní ilé-iṣẹ́ wa, tí mi ò ní dárúkọ, ọjọ́ 25 ni owó oṣù máa ń wọlé, kì í sì í ṣe èèyàn ló ń fọwọ́ san án. Ètò kan ló wà lórí sáfà tó máa ń jí láago kan òru. Á ka orúkọ òṣìṣẹ́ tó tó 340, á yọ owó-orí àti owó ìfẹ̀yìntì kúrò, á wá fi ìwé ìsanwó ránṣẹ́ sí báǹkì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àlẹ́ẹ̀tì á ti máa dún lábẹ́ ìrọ̀rí. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, fóònù gbogbo wa dákẹ́ lọ gbári. Ọjọ́ Jímọ̀ sì ni. Ẹni tó fẹ́ lọ sóde ọ̀la ti fọkàn sí owó yẹn.

Mo ṣí ojú-ìwé tí a fi ń ṣọ́ àwọn ètò wa. Kò sí pupa kankan níbẹ̀. Ohun tí ojú-ìwé náà ń kà ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tó sì dàrú, iye tó sì kọ síbẹ̀ ni òdo. Òótọ́ ló sọ. Iṣẹ́ owó oṣù kò dàrú, torí pé kò bẹ̀rẹ̀ rárá.

Aago ni a kọ́kọ́ fura sí. Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, àbí aago Gíríńwíìsì ni sáfà ń lò?" Aago ọ̀hún fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa, ó sì ti da irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé òun ni, aago méjì ni owó ì bá jáde, kì í ṣe pé kó má jáde títí di aago méje ààbọ̀. Mo wá tẹ àṣẹ kékeré kan:

```
kubectl get cronjob owo-osu
NAME      SCHEDULE     TIMEZONE       SUSPEND   ACTIVE   LAST SCHEDULE   AGE
owo-osu   0 1 25 * *   Africa/Lagos   False     0        30d             410d
```

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni `30d` yẹn. Ó ń sọ pé ọgbọ̀n ọjọ́ sẹ́yìn, ìyẹn 25 oṣù kẹsàn-án, ni iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé ó ṣiṣẹ́ lóru àná, wákàtí ni à bá rí níbẹ̀. `False` sì fi hàn pé kò sẹ́ni tó dá a dúró. Ètò náà wà láàyè, aago rẹ̀ tọ̀nà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ ó fo ọjọ́ owó.

Kí n ṣàlàyé ẹni tó ń jí iṣẹ́. Kubernetes ni a fi ń ṣe kòkáárí àwọn sáfà wa. Google ló gbé e jáde fún gbogbo ayé ní 2014. Nínú rẹ̀ ni alákòóso kan wà tí mo máa ń fi wé ọmọ tó ń lu agogo nílé-ìwé. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, ó máa ń wo àkójọ iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀: ta ni àkókò rẹ̀ ti tó? Bí ó bá rí i pé àkókò iṣẹ́ kan ti tó tí kò sì tíì bẹ̀rẹ̀, á lu agogo fún un. Bí ọmọ náà bá sùn lọ, tó sì jí lẹ́yìn àkókò, ó ṣì máa lù ú, kódà bó ti pẹ́, àfi bí ọ̀gá bá ti pàṣẹ fún un pé kó má lù ú mọ́ bó bá ti kọjá iye báyìí. Ọ̀gá ti pàṣẹ ọ̀hún fún tiwa:

```
schedule: "0 1 25 * *"
timeZone: "Africa/Lagos"
startingDeadlineSeconds: 600
```

Ìlà kẹta yẹn ni àṣẹ. 600 ìṣẹ́jú-àáyá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí aago kan bá lù tí iṣẹ́ kò sì rí ààyè bẹ̀rẹ̀ títí di aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí alákòóso fi í sílẹ̀, kó dúró de àkókò tó kàn. Àkókò tó kàn fún owó oṣù wa ni 25 oṣù kọkànlá.

Kí ló wá mú alákòóso sùn? Àwa náà ni. Láago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 46 lóru, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó sáfà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹ̀rọ tí alákòóso ń gbé di tuntun. Òru ni wọ́n yàn kó má baà dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, wọ́n sì rò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á tó. Nẹ́tíwọ̀kì fà. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú 23 ni alákòóso tó lajú. Ó wo owó oṣù, ó ṣírò rẹ̀: láti aago kan, 1,380 ìṣẹ́jú-àáyá ti lọ, ààlà sì jẹ́ 600. Ó kọjá síbi iṣẹ́ mìíràn. Ó ṣe ohun tí a ní kó ṣe gan-an.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kò fi ojú-ẹsẹ̀ kankan sílẹ̀ tí a lè rí láàárọ̀. Irú fífò bẹ́ẹ̀ lè kọjá láìsí àkọsílẹ̀ kankan. Bí ó bá tilẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀, wákàtí kan péré ni Kubernetes máa ń tọ́jú irú rẹ̀ bí a kò bá yí i padà. Ẹni tó jí láago méje tó ń wá ohun tó ṣẹlẹ̀ láago kan òru kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. `30d` nìkan ló kù.

Nígbà tí mò ń kọ àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ náà fún àwọn ọ̀gá, ìbéèrè tó gbà mí lákòókò jù ni pé ta ló fi ìlà 600 síbẹ̀, kí ló sì ń wá? Mo tọpa rẹ̀ dé ibi tó ti wá, ibẹ̀ sì yà mí lẹ́nu. Iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ti dà á kọ, iṣẹ́ tó máa ń yẹ àkáǹtì wò ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀, oògùn ni. Ìlànà Kubernetes sọ pé alákòóso máa ń ka iye ìgbà tí iṣẹ́ kan ti fo láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ kẹ́yìn. Bí iye náà bá ju 100 lọ, kò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà mọ́, àṣìṣe ni yóò kọ sílẹ̀. Iṣẹ́ tó ń jí ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan á ti fo ju 100 lọ bí alákòóso bá sùn fún wákàtí méjì péré. Ṣùgbọ́n bí a bá fún un ní ààlà 600, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn nìkan ni alákòóso á kà, kò sì ní rí ju nǹkan bíi mẹ́wàá lọ. Bí ó bá sì fo ọ̀kan, kí ló ṣe? Ìṣẹ́jú kan sí i, òmíràn ti dé.

Ẹ wá gbé ìlà kan náà sórí iṣẹ́ olóṣooṣù. Kí ó tó fo ju 100 ìgbà, ó ní láti ju ọdún mẹ́jọ lọ! Àìsàn tí oògùn yẹn ń wò kò sí lára rẹ̀ rárá. Èyí tó sì wà lára rẹ̀, ìyẹn pé fífò ẹyọ kan jẹ́ odidi oṣù kan, ni oògùn náà dá sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ronú sí i. Wọ́n da fáìlì kọ, wọ́n pààrọ̀ orúkọ àti àkókò, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí a ṣe máa san owó ló kàn. Àbúrò wa ti tẹ àṣẹ, ó ku kó tẹ bọ́tìnì. Mo ní kó rọra. Bí owó bá ti jáde lọ́nà kan tí a kò mọ̀, tí a tún san án lẹ́ẹ̀kejì, gbígba owó padà lọ́wọ́ èèyàn 340 ju pípẹ́ san án lọ. Mọ́mì Akáǹtì wo àkáǹtì ilé-iṣẹ́ ní báǹkì: kọ́bọ̀ kan ò jáde. Àwa náà wo ìwé ìsanwó wa: ti oṣù kẹwàá ṣófo. Ohun mìíràn tún fi wá lọ́kàn balẹ̀. Owó kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tí a fi oṣù àti nọ́ńbà òṣìṣẹ́ ṣe, bíi `OSU-10-0187`, ìwé wa kì í sì í gba nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. Bí ẹni méjì bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ti ẹnì kejì á padà sẹ́yìn. Láago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 31, a tẹ̀ ẹ́:

```
kubectl create job --from=cronjob/owo-osu owo-osu-afowose
```

Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tí àlẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ fi dún. Àwọn tó wà ní báǹkì mìíràn rí tiwọn kí aago mẹ́wàá tó lù.

Àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀ lórí àtúnṣe. Ọ̀gá wa ní kí a yọ ìlà náà dànù pátápátá. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀." Bí sáfà bá kú fún ọjọ́ mẹ́ta, tí akáǹtì sì ti fọwọ́ san owó fúnra wọn ní báǹkì, ìwé tiwa kò ní mọ̀. Bí alákòóso bá wá jí lọ́jọ́ 28 tí kò sí ààlà, á lu agogo rẹ̀, owó á sì tún jáde. A fi sí 43200, ìyẹn wákàtí méjìlá: títí di aago kan ọ̀sán ọjọ́ 25, iṣẹ́ náà ṣì lè bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọ̀rọ̀ èèyàn. Ẹgbẹ́ sáfà sì gbà láti má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ ní òru 25.

Bí sáfà bá kú ju wákàtí méjìlá lọ, iṣẹ́ náà á tún fò, nítorí náà a yan ọlọ́dẹ kan fún un. Bí iṣẹ́ bá parí, á fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ kékeré kan tí kò sí lára àwọn sáfà wa rárá. Ọlọ́dẹ tó ń sùn nínú ilé tó ń jó, ta ni yóò jí? Bí ìròyìn kò bá dé títí di aago kan ààbọ̀ òru, ẹ̀rọ náà á pe fóònù mi, á pe ti àbúrò wa. A ò dúró de àṣìṣe mọ́. Àìgbúròó gan-an ló ń jí wa.

Lọ́jọ́ 25 oṣù kọkànlá, ìròyìn dé láago kan kọjá ìṣẹ́jú méjì. Àwọn mẹ́fà wà tí ilé-iṣẹ́ ayánilówó ti fẹ́ fa owó yọ nínú àkáǹtì wọn láago mẹ́fà àárọ̀ 25 oṣù kẹwàá, tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀, tó sì bù wọ́n ní owó ìtanràn. Ilé-iṣẹ́ wa san owó náà padà fún wọn pẹ̀lú owó oṣù kọkànlá.