Fótò Àgíríménì Tó Dé Rúdurùdu: Ẹ Tò Ó Ná Kí Ẹ Tó Túmọ̀ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sójú ewé yìí kan gbogbo ẹni tó ń gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ onílé. Láyé ìsinsìnyí, àgíríménì kì í fi bẹ́ẹ̀ dé bá wa ní ìwé mọ́. Ẹni tó ń bá onílé gbowó á tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, á fi fóònù yà á, á sì fi í ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù á wá gbé fóònù fún ọmọ rẹ̀ tó kàwé, tàbí kó gbé e wá sọ́dọ̀ àwa tí a ń bá wọn ka ìwé nínú ẹgbẹ́, pé kí a túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá kí òun tó fọwọ́ sí i. Ẹ wá wò ó, ojú ìwé kẹfà ti ṣáájú ìkẹta, òmíràn wá lẹ́ẹ̀mejì, òmíràn ò wá rárá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń ṣe ni pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti fótò àkọ́kọ́, wọ́n á sì máa túmọ̀ rẹ̀ lọ bí ó ṣe tò. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé bó ṣe tò sórí fóònù o. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ kẹ́yìn lè kọ́kọ́ wọlé. Orúkọ tí fóònù fún fótò náà kò ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Bí ẹ bá rí `IMG-20250618-WA0012.jpg`, ọjọ́ tó wọ orí fóònù tiyín ló wà níbẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 18, oṣù kẹfà, ọdún 2025. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé `WA` jẹ́ òǹkà tí fóònù yín fi ń ka àwọn fótò tó ń wọlé. Kì í ṣe ojú ìwé kejìlá. Orúkọ tó ní wákàtí àti ìṣẹ́jú nínú, bíi `IMG_20250618_101533.jpg`, orí fóònù ẹni tó yà á ló wà. Bí onítọ̀hún bá fi fótò náà ránṣẹ́ ní `Document`, orúkọ yẹn á bá a wá, fótò náà á sì mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀, bó ṣe yà wọ́n tẹ̀ léra nìkan nìyẹn máa sọ. Bí ìwé bá ti dàrú lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó yà á, a jẹ́ pé ìdàrúdàpọ̀ náà ló yà.

Inú ìwé fúnra rẹ̀ la ti ń mọ bó ṣe tò. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ìyá aláṣọ kan ṣàlàyé. Ó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù fún ọdún méjì, fótò mẹ́sàn-án ni wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí i. Orí ọ̀pọ̀ ojú ìwé náà, níbi tí nọ́ńbà yẹ kó wà, ti gé kúrò nínú fótò. A tẹ gbogbo wọn jáde, a sì sọ fótò kọ̀ọ̀kan lórúkọ: Ata, Epo, Gààrí, Iyọ̀, Elùbọ́, Ẹja, Ẹyin, Ẹ̀wà, Àlùbọ́sà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí a bá fi nọ́ńbà tàbí lẹ́tà sàmì sí wọn, á dàrú mọ́ nọ́ńbà àti lẹ́tà tó wà nínú àgíríménì fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, a fa ìlà sórí ìwé kan. Fún fótò kọ̀ọ̀kan, a kọ ọ̀rọ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó fi parí, àti àwọn ẹsẹ àdéhùn tó wà nínú rẹ̀. A ò tíì túmọ̀ ohunkóhun o. Ata rọrùn, òun ló ní ọjọ́ àti orúkọ onílé àti ayálégbé. Ẹ̀wà náà rọrùn, ibẹ̀ la ti ń fọwọ́ sí i. Àwọn tó wà láàárín ló le.

Epo sọ iye owó ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìlérí tí ayálégbé ṣe fún onílé: (a), (b), (c). Èyí tó jẹ́ (c) ní kí ayálégbé má fi ṣọ́ọ̀bù náà yá ẹlòmíràn, “tàbí apá kan”. Ibẹ̀ ni ojú ìwé ti tán, gbólóhùn ò sì tíì parí. Gààrí ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìlérí tí onílé ṣe fún ayálégbé, òun náà ní (a), (b), (c). Ó ní onílé ni yóò máa san owó orí ilẹ̀ lórí ṣọ́ọ̀bù náà, “tàbí apá kan”. Òun náà já síbẹ̀ láìparí. Iyọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó túmọ̀ sí “nínú rẹ̀”, lẹ́yìn náà ni (d): láti máa tún òrùlé àti ògiri ṣe.

Ṣé ẹ rí ibi tí ewu wà? Iyọ̀ bá Epo lọ, ó sì bá Gààrí lọ. Bí a bá so ó mọ́ Epo, ìyá aláṣọ ni yóò máa tún òrùlé ṣe. Bí a bá so ó mọ́ Gààrí, onílé ni. Ẹnu gbólóhùn méjèèjì bára mu, nítorí náà ìsopọ̀ ẹnu nìkan kò tó. A ní láti ka Iyọ̀ wọnú. Ẹsẹ (e) tó wà nísàlẹ̀ sọ pé bí ayálégbé bá ń sanwó rẹ̀ déédéé, yóò máa lo ṣọ́ọ̀bù náà ní àlàáfíà, ẹnikẹ́ni kò ní dà á láàmú. Ta ló lè ṣèlérí irú èyí? Onílé nìkan ni. Iyọ̀ jókòó sẹ́yìn Gààrí, òrùlé di ti onílé.

Ṣùgbọ́n Epo ṣì ń dá dúró pẹ̀lú gbólóhùn tí kò parí. Ìyẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé ojú ìwé kan ò wá rárá. A ò kàn ránṣẹ́ pé “ó kù kan”, nítorí wọ́n lè tún fi èyíkéyìí ránṣẹ́. A ní kí wọ́n ya ojú ìwé tó tẹ̀lé ibi tí ayálégbé ti ṣèlérí pé òun ò ní fi ṣọ́ọ̀bù yá ẹlòmíràn. Nígbà tó dé, (f) inú rẹ̀ sọ pé bí ayálégbé bá ń kó lọ, ohunkóhun tó bá kàn mọ́ ògiri di ti onílé. Ìyá yìí ti bá kápẹ́ńtà sọ̀rọ̀ nípa pákó ìpatẹ aṣọ yíká ṣọ́ọ̀bù. Ó lọ bá onílé, wọ́n sì kọ ọ́ kún un pé yóò lè tú pákó rẹ̀ lọ.

Ó ku àwọn tó gorí ara wọn. Ìwé náà gùn ju bébà tí a máa ń lò lọ, nítorí náà wọ́n ya ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mejì: òkè rẹ̀ ni Elùbọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni Ẹja. Ìlà márùn-ún tó kẹ́yìn Elùbọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ Ẹja. Ẹ̀ẹ̀kan la ń túmọ̀ irú ìlà bẹ́ẹ̀, inú fótò tó bá hàn jù la sì ti ń kà á. Ṣùgbọ́n kí a tó pè é ní ọ̀kan, ohun méjì la ń wò. Ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ bára mu láìku ẹyọ kan, ìlà kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ parí síbi kan náà lápá ọ̀tún.

Ọ̀rọ̀ ìparí ìlà yìí ló tú àṣírí Àlùbọ́sà. Bí ẹ bá wò ó gààràgà, Epo ni ẹ máa pè é, àfi bí ẹni pé wọ́n yà á lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ìlà kẹta Epo gùn ju ìlà kẹta Àlùbọ́sà lọ ní ọ̀rọ̀ kan. Bébà kan náà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó túmọ̀ sí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. A wá ń kà á lọ. Epo ní owó ilé kò ní yí padà títí ọdún méjì á fi pé. Àlùbọ́sà ní onílé lè fi kún un lẹ́yìn ọdún kìíní. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, olùtumọ̀ kò gbọdọ̀ yan ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ lú wọn pọ̀. A túmọ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a sì ní kí ìyá béèrè èyí tí wọ́n fẹ́ kó fọwọ́ sí. Wọ́n ní Àlùbọ́sà ni ti àtijọ́. Ó dáa, kí onílé fọwọ́ sí etí Epo nígbà náà, kí ìyá náà fọwọ́ sí i.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó jọra ló gorí ara wọn. Lọ́yà lè sọ ọ̀rọ̀ kan náà níbi méjì nínú àgíríménì. Bí nọ́ńbà ẹsẹ wọn bá yàtọ̀, méjèèjì la ń túmọ̀.

Ẹyin ló gba àkókò jù. Wọn ò tú pín-ìn-nì kúrò, bébà òkè sì bo etí òsì ti ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ìlà mẹ́rin ò hàn. Ìlà kan parí síbi tó sọ pé onílé yóò, ìlà kejì ní ọ̀rọ̀ kan tó fara sin, lẹ́yìn rẹ̀ ni títi ṣọ́ọ̀bù pa bí owó bá pẹ́ ju oṣù kan lọ. Ọ̀rọ̀ tó fi ń sọ “kò” lédè òyìnbó kéré gan-an, ó lè sá sábẹ́ bébà. A ò méfò. A kọ ọ́ sínú ìtumọ̀ báyìí: [ọ̀rọ̀ kan ò hàn níbí], a sì ní kí wọ́n tú pín-ìn-nì, kí wọ́n tẹ́ bébà náà sílẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti tò tán la wá túmọ̀. Lẹ́tà ẹsẹ la fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ rántí pé a, b, d la ń kà ní Yorùbá, òyìnbó sì ní c láàárín. Bí ẹ bá sọ (c) wọn di (d) tiwa, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú lọ́yà, òrùlé lẹ máa tọ́ka sí, owó orí ilẹ̀ lẹ ní lọ́kàn. Lókè ìtumọ̀ náà a kọ iye fótò tí a rí, èyí tó dé lẹ́yìn, àti Àlùbọ́sà tí a yọ sọ́tọ̀. Òyìnbó tí wọ́n fọwọ́ sí ni kóòtù máa wò, kì í ṣe ìtumọ̀ wa. Ẹ̀yin tí ẹ ò lè kà á, òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé ní kí ẹni tó kọ ìwé náà fún yín kà á sí yín létí, kó ṣàlàyé rẹ̀, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ bi wọ́n.

Fótò tuntun ti Ẹyin dé ní ọjọ́ kejì. “Kò” ló wà lábẹ́ bébà náà: onílé kò ní ti ṣọ́ọ̀bù pa.