Fífi Irin Kún Irin Lásìkò Tí Oúnjẹ Ń Dín Kù

Iṣan kì í lágbára sí i bí iṣẹ́ tí à ń gbé fún un kò bá ju èyí tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹni tó ń gbé irin kílò 20 lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní oṣù kìn-ín-ní, tó sì tún ń gbé kílò 20 yẹn náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nígbà tó di oṣù kẹfà, ara rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ náà dunjú, kò sì rí ìdí tó fi yẹ kó yí padà mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ irin gbígbé fi máa ń ní kí ènìyàn fi díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: yálà kí irin wúwo sí i, tàbí kí iye ìgbà tí à ń gbé e pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ náà kò le fún ẹni tó ń jẹun yó. Ibi tó ti ń di ìṣòro ni ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ fọn, tó ń jẹ oúnjẹ tí kò tó èyí tí ara rẹ̀ ń ná lóòjọ́.

Ó ti pẹ́ tí àwọn agbérin ti ń fi irin kún irin, ṣùgbọ́n dókítà ológun Amẹ́ríkà kan, Thomas DeLorme, ló sọ ọ́ di ìlànà ìṣègùn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ń tọ́jú àwọn sójà tí orúnkún wọn fara pa ní ilé ìwòsàn ológun kan ní Ṣikágò. Ohun tí wọ́n mọ̀ nígbà náà ni kí aláìsàn máa fi ẹsẹ̀ ṣe eré fẹ́rẹ́fẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹsẹ̀ náà kì í sì í tètè padà bọ̀ sípò. DeLorme ti fi irin gbígbé sọ ara rẹ̀ jí lẹ́yìn àìsàn nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, nítorí náà kò bẹ̀rù láti fún wọn ní irin tó wúwo. Ó tẹ àbájáde iṣẹ́ náà jáde ní 1945. Nígbà tó fi di 1948, òun àti Arthur Watkins ti tún ìlànà náà tò: sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìdajì ìwúwo tí ènìyàn lè gbé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá péré, èkejì jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, ẹ̀kẹta sì jẹ́ odidi. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tún ìwúwo yẹn yẹ̀ wò. Ẹsẹ̀ tó ti rọ ni DeLorme ń wá agbára fún. Ọ̀rọ̀ sísọ ọ̀rá nù kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Kálórì ni a fi ń wọn agbára tó wà nínú oúnjẹ. Bí ara ẹnì kan bá ń ná kálórì 2,200 lóòjọ́, tí onítọ̀hún sì jẹ 1,700, ara yóò fa 500 tó kù yọ láti inú ohun tó ti kó pa mọ́. Ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú ìpamọ́ náà, àmọ́ ara lè tú iṣan pàápàá palẹ̀, nítorí pé iṣan máa ń jẹ oúnjẹ kódà nígbà tí ènìyàn bá ń sùn. Ara wá ń ṣe bí oníṣòwò tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó mọ́: ọjà tí kò yá ni yóò kọ́kọ́ tà dànù, èyí tí oníbàárà ń béèrè lójoojúmọ́ ni yóò dì mú. Irin tó wúwo ló ń sọ fún ara pé à ń béèrè iṣan. Ohun tí irin gbígbé wà fún lásìkò yìí nìyẹn, kì í ṣe láti jó ọ̀rá. Ẹni tó bá sọ irin di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nítorí pé ó fẹ́ fọn, tó wá ń gbé e lẹ́ẹ̀ọgbọ̀n kó lè làágùn, ń yọ ohun tó ń dá iṣan dúró kúrò.

Ní 2022, àwọn olùwádìí méjì, Murphy àti Koehler, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé tí àìtó oúnjẹ bá ti ń sún mọ́ kálórì 500 lóòjọ́, iṣan kì í fi bẹ́ẹ̀ tóbi sí i mọ́, ṣùgbọ́n agbára ṣì ń pọ̀ sí i bíi ti ẹni tó ń jẹun tó. Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ń ta ko ara wọn. Agbára kò ti inú títóbi iṣan nìkan wá. Ọpọlọ máa ń kọ́ bí yóò ṣe pe fọ́nrán iṣan púpọ̀ sí i sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ara náà sì ń kọ́ ọ̀nà tí irin ń gbà lọ sókè sódò. Ẹ̀kọ́ yẹn kò gba oúnjẹ púpọ̀. Òun ló jẹ́ kí ó ṣeé ṣe fún irin láti máa wúwo sí i nígbà tí ara ń fọn, pàápàá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Kí a wo obìnrin kan tó wọn kílò 84, tó ń ná bíi kálórì 2,200, tó sì ń jẹ bíi 1,700. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń gbé irin. Nínú iṣẹ́ rẹ̀, ìlóṣòó pẹ̀lú ọ̀pá irin lórí èjìká nìkan ni a ó tẹ̀ lé. Ó fi ààlà sí i: sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, kó má dín ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, kó má ju ẹ̀ẹ̀méjìlá lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kílò 40, ọ̀pá fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró nígbà tó bá mọ̀ pé òun ṣì lè ṣe ẹyọ kan tàbí méjì sí i.

Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀ ni 8, 8, 8. Ọ̀sẹ̀ kejì, 10, 9, 8. Ẹ̀kẹta, 11, 10, 9. Ẹ̀kẹrin, 12, 11, 10, lẹ́yìn náà 12, 12, 11. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni 12 tó pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìgbà yẹn gan-an ló sì tó fi irin kún irin: kílò 1.25 lápá ọ̀tún, kílò 1.25 lápá òsì. Ní ọ̀sẹ̀ keje, pẹ̀lú kílò 42.5, ìwé rẹ̀ di 9, 8, 8. Ẹni tí kò bá mọ̀dí ọ̀rọ̀ yóò rò pé ó ti padà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ sì rèé ohun tí kò lè gbé lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lọ́sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn ló ń gbé yìí.

Ìdí tí kò fi fi kílò 2.5 kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni pé kílò 2.5 lórí 40 lé ní ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Fún iṣẹ́ apá, níbi tí irin lè máà ju kílò 25 lọ, ìdá mẹ́wàá ni. Kò sí ara tí ebi ń pa tí yóò máa fo irú àkàbà bẹ́ẹ̀ léraléra. Àfikún ẹyọ kan tàbí méjì nínú iye ìgbà ló ń di àlàfo àárín ìwúwo kan sí èkejì. Níbi tí wọ́n bá ti ní irin pẹlẹbẹ onídajì kílò, iṣẹ́ apá yóò tún rọrùn sí i, àmọ́ ọ̀pọ̀ ibi ni kò sí.

Nínú oúnjẹ, purotéènì ni kò ṣeé fi ṣeré. Ní Yunifásítì McMaster ní Kánádà, wọ́n dín oúnjẹ àwọn ọ̀dọ́kùnrin 40 kù gidigidi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n sì ń fún wọn ní iṣẹ́ àṣelàágùn ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Èsì náà jáde ní 2016. Àwọn tó jẹ purotéènì gíráàmù 2.4 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan tún fi nǹkan bíi kílò kan lé díẹ̀ kún ohun tí kì í ṣe ọ̀rá lára wọn. Àwọn tó jẹ 1.2 kàn di tiwọn mú ni. Ẹni tí kò wà nínú irú ìnira bẹ́ẹ̀ lè fi 1.6 ṣe é. Fún obìnrin wa, bíi gíráàmù 134 lóòjọ́ nìyẹn. Ẹyin kan kò ní ju bíi gíráàmù mẹ́fà lọ, ẹran àyà adìyẹ sísè gíráàmù ọgọ́rùn-ún sì ní bíi ọgbọ̀n. Nítorí náà, kò ṣeé ṣe kó dé ibẹ̀ bí ẹja ẹyọ kan bá kàn ń jókòó lórí òkìtì ẹ̀bà. Ibi tí kálórì ti rọrùn jù láti gé ni epo: ṣíbí ìjẹun ńlá kan epo pupa tó bíi kálórì 120, ọbẹ̀ kan sì lè gba mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Iye tó wà nínú ìwé lè purọ́. Bí irin ṣe ń wúwo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dín jíjìn ìlóṣòó wọn kù láìmọ̀. Irin ti kúrò ní 40 dé 50, ṣùgbọ́n itan tó ń sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀gangan orúnkún tẹ́lẹ̀ ti ń dúró lágbedeméjì. Fídíò fóònù láti ẹ̀gbẹ́ lọ́sẹ̀ méjì-méjì yóò tú àṣírí náà. Irọ́ kejì wà nínú àwọn eré tó jẹ́ pé ara ẹni gan-an ni irin. Ẹni tó ti fọn kílò mẹ́rin, tó wá lè fa ara rẹ̀ sókè lórí ọ̀pá lẹ́ẹ̀méjì sí i, ẹrù tó fẹ́rẹ̀ sí i ló gbé. A kò lè ka gbogbo rẹ̀ sí agbára.

Ìwọ̀n ara náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, kílò kan àbọ̀ tàbí méjì lè lọ, tó sì jẹ́ pé omi ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí gíráàmù kan ìṣúra inú iṣan tó ti oúnjẹ afáralókun wá máa ń di omi bíi gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Lẹ́yìn ìyẹn, bíi ìdajì kílò lọ́sẹ̀ ló yẹ kó máa lọ fún obìnrin yìí. Kó máa gun òṣùwọ̀n láràárọ̀ kó tó jẹun, kó sì fi ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ kan wé ti òmíràn. Bó bá ti ń pàdánù ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, oúnjẹ ti kéré jù.

Bí iye ìgbà bá dúró sójú kan, àyẹ̀wò tó ṣe pàtàkì ni bóyá iṣẹ́ kan ṣoṣo ló dúró tàbí gbogbo wọn. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ kan, bí ó ṣe ń ṣe é tàbí ibi tó tò ó sí nínú ọjọ́ náà ló lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ gbogbo wọn ló ń já wálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì léra wọn, ẹ̀bi náà wà nínú oúnjẹ, oorun tàbí àpọ̀jù iṣẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí onítọ̀hún dín irin kù, kó sì tún gé oúnjẹ sí i. Òdìkejì rẹ̀ ló yẹ: kí irin má yí padà, kí sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta di méjì fún ọ̀sẹ̀ kan, kí kálórì bíi 150 tàbí 200 padà sínú àwo.

Fún ẹni tó ti ń gbé irin láti ọdún pípẹ́, tí ọ̀rá ara rẹ̀ sì ti kéré, àfikún ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo lóṣù lè jẹ́ èrè ńlá. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wọn kílò 90 tó ń gbé 100 lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, tó sì tún ń gbé 100 yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́jọ nígbà tó wọn kílò 83, irin náà ti wúwo sí i fún un, bí ìwé rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà.