Kí Ìtàn Tó Bẹ̀rẹ̀, Òǹkọ̀wé Ti Sọ̀rọ̀

Àwọn tó ka Things Fall Apart ti Chinua Achebe nílé ìwé girama yóò rántí bó ṣe parí. Okonkwo ti pokùn so. Àwọn ará Umuofia kò lè fọwọ́ kan òkú rẹ̀ nítorí pé èèwọ̀ ni, àjèjì ni wọ́n bẹ̀ pé kó bá àwọn gbé e sọ̀kalẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó wà níbẹ̀ kò sunkún, kò sì bínú. Ìwé tó ń kọ lọ́wọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà ló ń rò bó ṣe ń padà sí kóòtù. Ọkùnrin tó pa ìránṣẹ́ ìjọba tó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀ yìí, ó ní ìtàn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odindi orí kan nínú ìwé òun. Ó tún un rò, ó ní bóyá kò tó orí kan, ìpínrọ̀ kan tó mọ́yán lórí ti tó. Àkọlé ìwé náà sì ti wà nílẹ̀, ó ti yàn án lẹ́yìn àròjinlẹ̀: ìwé nípa bí ìjọba ṣe fi àlàáfíà sí àárín àwọn ẹ̀yà aláìlajú ní ìsàlẹ̀ odò Ọya. Orí àkọlé yìí ni Achebe ti gbé kálàmù sílẹ̀.

Àkọlé méjì ló wà nínú ìwé náà nígbà náà. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ìwé, tí Achebe fúnra rẹ̀ fún un lọ́dún 1958. Èkejì wà lójú ewé tó gbẹ̀yìn, ti ajẹ́lẹ̀. Ẹni kan náà, ìlú kan náà, ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì fẹ́ sọ. Lábẹ́ àkọlé àkọ́kọ́, Okonkwo gba orí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Lábẹ́ èkejì, ìpínrọ̀ kan ló kù fún un. Ẹni tó bá sì wò ó dáadáa yóò rí i pé irọ́ kọ́ ni ajẹ́lẹ̀ ń pa nípa ohun tó ṣẹlẹ̀. Lóòótọ́ ni Okonkwo bẹ́ ìránṣẹ́ lórí, lóòótọ́ ló sì so. Orúkọ tí a sọ ọ̀rọ̀ náà ló yí i padà.

Gérard Genette, lámèyítọ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ odindi ìwé kan lọ́dún 1987 lórí àwọn nǹkan tó yí ìtàn ká tí kì í ṣe ìtàn gan-an: àkọlé, orúkọ òǹkọ̀wé, ọ̀rọ̀ ìyàsímímọ́, àyọlò iwájú ìwé, àkọlé orí kọ̀ọ̀kan. Ó fi wọ́n wé ìloro. Ẹni tó dúró ní ìloro kò tíì wọlé, ṣùgbọ́n kò sí níta mọ́, ohun tó bá rí níbẹ̀ ló sì ń sọ fún un irú ilé tó fẹ́ wọ̀. Ọ̀pọ̀ wa kì í dúró níbẹ̀ rárá. A ó ṣí ìwé, a ó fo gbogbo ewé ìṣáájú, ó di orí kìíní.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ní ìloro Achebe. Ohun tí àkọlé rẹ̀ ń sọ ni pé nǹkan ń tú ká. Kò sọ ohun tó ń tú, kò sì dárúkọ ẹni tó ń tú u. Ẹ wá ṣí orí kìíní, kí lẹ bá níbẹ̀? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó da gbajúgbajà ajìjàkadì tí wọ́n ń pè ní Ológbò, tí òkìkí rẹ̀ kàn ní abúlé mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn náà, oko iṣu, aya mẹ́ta, ọdún iṣu tuntun, ìdána, egúngún tó ń dájọ́ ní gbangba ìlú. Ìpín kìíní nìkan gba orí mẹ́tàlá, ó lé díẹ̀ ní ìdajì ìwé, òyìnbó kò sì tíì yọjú níbẹ̀ ju inú àwàdà àwọn tó jókòó tí wọ́n ń mu ẹmu lọ. Ká ní ẹnìkan ya ẹ̀yìn ìwé náà kúrò, kó sì fún ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ rí, ẹni yẹn lè ka orí mẹ́wàá kó rò pé ìtàn akọni ọkùnrin ni òun ń kà. Ṣùgbọ́n àwa ti mọ àkọlé. Ìyẹn ló fà á tí a fi ń ka ọdún iṣu tuntun pẹ̀lú àyà jíjá. Bí wọ́n ṣe ń yọ̀ nínú ìwé, àwa ń wo ibi tí odi yóò ti là.

Ewé àyọlò ló kàn. Láti inú ewì W. B. Yeats, akéwì ọmọ Ireland, ni Achebe ti mú àkọlé rẹ̀, ó sì fi ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú ewì náà síwájú ìtàn. Ọdún 1919 ni Yeats kọ ọ́, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí ìlú tirẹ̀ náà ń gbóná. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ọ̀làjú Yúróòpù ti ń wó lọ. Ó ya àwòrán ẹyẹ àṣá kan tí wọ́n fi ń dẹdẹ, tó ń yí lójú ọ̀run, tó ń jìnnà sí i títí kò fi gbọ́ ohùn olówó rẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè tó yẹ kí òǹkàwé bi ara rẹ̀ níbi tó bá ti rí àyọlò ni pé: ta ló mọ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìtàn? Okonkwo kò mọ̀ ọ́n. Kò mọ̀wé kà, kò sì gbọ́ orúkọ Yeats rí. A jẹ́ pé òkè orí Okonkwo ni Achebe ti ń bá àwa sọ̀rọ̀. Ohun tó sì ń ṣe kò ṣàì ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ nínú. Ẹ̀rù tí òyìnbó ń bà nítorí ọ̀làjú tirẹ̀ ni Achebe gbé wá sí Umuofia, tó fi hàn pé níbí náà, ayé kan wà tó ní gbòǹgbò, tó lè wó. Ẹni tó sì wá wó o, ará Yúróòpù kan náà ni. Òǹkàwé Lọ́ńdọ̀nù tó ṣí ìwé náà lọ́dún 1958 bá ewì tó mọ̀ níwájú, ó rò pé òun ti délé, kó tó mọ̀ pé òun ni àjèjì inú ìtàn.

Àṣá yẹn ńkọ́? Ta ni? Ìdáhùn tó yá jù ni Nwoye, ọmọ tó fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lọ bá àwọn ìjọ. Ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ wo orí kẹrìnlélógún. Okonkwo yọ àdá, ó pa ìránṣẹ́, ó dúró de ìlú kó dìde sógun. Ìlú kò dìde. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ìránṣẹ́ yòókù sá lọ, àwọn kan tiẹ̀ ń béèrè ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àárín òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti jìn tó bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, Okonkwo fúnra rẹ̀ ni àṣá. Ó kàn ń fọkàn sí i pé òun lòun di okùn mú ni.

Ẹnìkan ṣoṣo ló sún mọ́ àkọlé yẹn lẹ́nu nínú ìtàn. Obierika ni, ní orí ogún, nígbà tí Okonkwo ti ìgbèkùn ọdún méje dé tó ń béèrè ìdí tí ìlú kò fi jà. Obierika ṣàlàyé pé àwọn ọmọ wa ti wà pẹ̀lú òyìnbó, pé ó ti fi ọ̀bẹ gé ohun tó so wá pọ̀. Bí àkọlé bá ti bọ́ sẹ́nu ẹnìkan nínú ìwé, ẹ fi ìlà sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì wo ẹni tó sọ ọ́: onírònú inú ìwé ni, kì í ṣe akọni.

Ibí ni àṣìṣe ti ń wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa gbá ọ̀rọ̀ Obierika àti àkọlé mú, wọ́n á ní ohun tí ìwé ń sọ ni pé gbogbo nǹkan dára kí òyìnbó tó dé. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní orí keje, wọ́n pa Ikemefuna, ọmọ tó ń pe Okonkwo ní bàbá, Okonkwo sì wà lára àwọn tó pa á. Wọ́n ń gbé ìbejì jù sínú igbó. Nǹkan méjèèjì yìí ló ń jẹ Nwoye lọ́kàn tó fi jẹ́ pé orin àwọn ìjọ wọ̀ ọ́ lára. Àkọlé ń sọ pé nǹkan ń tú. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú, inú orí ìwé la ti ń wá a, bí a kò bá sì rí ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dúró fún ìtumọ̀ wa, àròsọ tiwa là ń kà.

Nígbà tí Wálé Ògúnyẹmí túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá, Ìgbésí Ayé Okonkwo ló pè é. Ìtàn kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ti yàtọ̀. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé, èèyàn kan ni yóò máa tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó gba ti Achebe wọlé, ìlú ni yóò máa wò. N kò sọ pé ti Ògúnyẹmí kò dáa. Ó kàn yí ojú wa sí ibòmíràn ni.

Achebe kò fún orí kankan lórúkọ nínú ìwé yìí, nọ́ńbà lásán ni. Kò fẹ́ fi ìka tọ́ka sí nǹkan mọ́ lẹ́yìn ti ìloro. Chimamanda Ngozi Adichie ṣe òdìkejì nínú Purple Hibiscus, tó jáde lọ́dún 2003, tí gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ń dọ́gbọ́n kí àkọlé Achebe. Ìpín mẹ́rin ló pín in sí. Ìkíní dá lórí fífọ́ òrìṣà, ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Èkejì jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ tó dé, òun ló sì gùn jù. Ẹ̀kẹta, àfọ́kù òrìṣà, lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ìkẹrin, ìdákẹ́jẹ́ mìíràn, lásìkò tí a wà yìí.

Ẹ wo ìkíní. Jaja kò gba ara Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá rẹ̀ sọ ìwé àdúrà mọ́ ọn, ìwé bá àwọn ère kéékèèké tó wà lórí pẹpẹ, wọ́n fọ́. Ère oníjó ni wọ́n, ìyá ń nù wọ́n nígbàkígbà tí ọkọ bá ti lù ú. Òrìṣà wo ló wá fọ́? Ìtàn kò sọ, àkọlé ìpín ló sọ. Bàbá tó ń bú bàbá tirẹ̀ ní abọ̀rìṣà ti sọ ara rẹ̀ di òrìṣà nínú ilé, ọjọ́ yẹn ni ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀ láti wólẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ sì ni ọjọ́ tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ pàdé ọba kan tí kò ní lo ọ̀sẹ̀ yẹn tán láyé. Ẹni tó bá fiyè sí orúkọ ìpín náà kò ní ya ẹnu nígbà tí bàbá bá kú.

Ìdákẹ́jẹ́ "mìíràn" tó wà ní ìpín ìkẹrin náà ń béèrè pé kí a rántí ti tẹ́lẹ̀, èyí tí ẹ̀rù bàbá fà, tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò fi ń fi ojú bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó fo àwọn àkọlé yìí yóò ṣì gbádùn ìtàn, ṣùgbọ́n yóò máa ṣe kàyéfì ìdí tí ìwé fi bẹ̀rẹ̀ láàárín tó tún padà sẹ́yìn.

Bí ẹ bá ní Things Fall Apart nílé, ẹ mú un sílẹ̀ lálẹ́ òní. Ẹ ka ewé àyọlò, ẹ ka ọ̀rọ̀ Obierika ní orí ogún, ẹ sì bọ́ sí ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn. Kò ní gbà yín ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀.