Pátákó Ṣọ́ọ̀bù Lórí Ayélujára

Oríṣi pátákó méjì ni oníṣọ́ọ̀bù lè ní lóde òní. Èkíní ni èyí tí a fi ọ̀dà kọ, tí a sì kàn mọ́ iwájú ilé. Kìkì ẹni tí ó bá gba òpópó náà kọjá ni ó lè kà á. Èkejì kò ṣeé fọwọ́ kàn. Orí ayélujára ni ó wà, ẹni tí ó wà ní àdúgbò mìíràn sì lè rí i lórí fóònù rẹ̀ kí ó tó jáde nílé. Ilé-iṣẹ́ Google ni ó ń pèsè èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Google My Business ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 2014. Ní ọdún 2021 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Google Business Profile. Ọ̀fẹ́ ni. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tẹ oníṣọ́ọ̀bù láago pé kí ó san owó kí orúkọ rẹ̀ má baà parẹ́ níbẹ̀, gbájúẹ̀ ni onítọ̀hún.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkùnrin kan tí ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Mọ́kọ́lá, ní ìlú Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn aránṣọ ni oníbàárà rẹ̀. Nígbà tí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí aṣọ oníbàárà ti ga bí òkìtì, tí ẹ̀rọ sì dẹ́nu iṣẹ́ kọlẹ̀, aránṣọ kò ní àkókò láti máa bi ará àdúgbò léèrè kiri. Fóònù ni yóò wò. Bí ó bá rí i níbẹ̀ pé ṣọ́ọ̀bù kan wà ní ṣíṣí, yóò gbé ẹ̀rọ rẹ̀, tí ó wúwo bí irin, yóò san owó ọkọ̀, yóò sì lọ. Bí ó bá débẹ̀ tí ó bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà, owó ọkọ̀ ti lọ, ọjọ́ iṣẹ́ kan sì ti bọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í padà wá mọ́. Èyí ni ó fi hàn pé pátákó orí ayélujára tí ó ń purọ́ burú ju kí ènìyàn má ní pátákó rárá lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí alátùn-ún-ṣe yìí yóò ṣe ni pé kí ó wá orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lórí Google Maps. Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ti kọ ọ́ síbẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Bí ó bá bá a níbẹ̀, yóò tẹ ibi tí a kọ "Claim this business" sí, kí ó lè gba ohun ìní rẹ̀. Bí ó bá kọ òmíràn lé e, ṣọ́ọ̀bù kan yóò di méjì, àwọn oníbàárà yóò sì máa ṣì í mú. Bí kò bá sí níbẹ̀ rárá, yóò lọ sí google.com/business, yóò fi àkáǹtì Google rẹ̀ wọlé, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bá bi í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Orúkọ ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Orúkọ tí ó wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà gan-an ni kí ó kọ, kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun kún un. Àwọn mìíràn a máa kọ orúkọ wọn, wọn a sì so "Tí Ó Dára Jù, Tí Kò Wọ́n, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn" mọ́ ọn, kí wọ́n lè tètè rí wọn. Google kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè torí rẹ̀ yọ pátákó náà kúrò lójú ayé. Lẹ́yìn orúkọ ni irú iṣẹ́. A kì í fúnra ẹni kọ èyí. Inú àwọn tí wọ́n ti tò sílẹ̀ ni a ti ń ṣà á. Èyí tí ó bá iṣẹ́ mu jù ni kí ó mú ṣe àkọ́kọ́, èyí tí a kọ "Sewing machine repair service". Bí ó bá mú èyí tí ó túmọ̀ sí ibi tí a ti ń ta aṣọ, àwọn tí ń wá aṣọ ni yóò máa pè é.

Ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà ni ó máa ń ṣòro jù ní àwọn ìlú wa, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní nọ́ńbà. Bí a bá tilẹ̀ kọ "lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí", mọ́ṣáláṣí kò mọ ní ẹyọ kan. Ohun méjì ni ó ń yanjú ọ̀ràn yìí. Èkíní ni àmì pupa orí máàpù: kí oníṣọ́ọ̀bù fi ìka fà á títí yóò fi wà lórí òrùlé tirẹ̀ gan-an, kì í ṣe ní ojú títì ńlá. Èkejì ni kọ́ọ̀dù tí a ń pè ní Plus Code. Bí a bá tẹ ojú kan mọ́lẹ̀ pẹ́ lórí Google Maps, kọ́ọ̀dù ibẹ̀ yóò hàn: lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rin, àmì ìròpọ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà méjì tàbí mẹ́ta, àti orúkọ ìlú. Ilẹ̀ tí irú kọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ń tọ́ka sí kò ju nǹkan bíi mítà 14 ní ìbú àti ní òró, nítorí náà ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e yóò dé ẹnu ọ̀nà.

Lẹ́yìn èyí, Google yóò béèrè ẹ̀rí pé òótọ́ ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń yan irú ẹ̀rí tí ó fẹ́. Fídíò ni ó sì ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọkùnrin Mọ́kọ́lá yìí yóò dúró lójú òpópó, yóò ya òpópó náà àti àwọn ilé tí ó yí i ká. Láìdá fídíò dúró, yóò ya pátákó rẹ̀, yóò fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn, nítorí ẹni tí ó ni ilé ní í ní kọ́kọ́rọ́, yóò sì wọlé láti ya àwọn ẹ̀rọ àti irinṣẹ́ rẹ̀. Fídíò náà kò gbọdọ̀ kéré sí ìṣẹ́jú àáyá 30, a kò sì gbọdọ̀ gé e tàbí lẹ̀ ẹ́. Ó lè gbà tó ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún kí èsì tó dé. Bí wọn kò bá gbà á, ohun tí ó sábà ń fà á ni pé pátákó kò hàn, tàbí pé orúkọ tí ó wà lára pátákó yàtọ̀ sí èyí tí a kọ.

Nígbà náà ni ọ̀ràn àkókò dé. Agogo 8 òwúrọ̀ ni ọkùnrin yìí ń ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ Ajé, agogo 6 ìrọ̀lẹ́ ni ó sì ń tì í. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ ó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí láti agogo 1 sí agogo 2 ààbọ̀ ọ̀sán, ní ọ̀sán Ọjọ́rú ó sì ń lọ tún ẹ̀rọ ṣe nílé àwọn aránṣọ. Bí ó bá kọ "8 sí 6" fún gbogbo ọjọ́, irọ́ ni ó pa lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. A lè fi apá méjì sí ọjọ́ kan. Nítorí náà, fún Jímọ̀ yóò kọ 8 sí 1, yóò sì fi 2 ààbọ̀ sí 6 kún un. Fún Ọjọ́rú, 8 sí 12 péré. Ọjọ́ ọdún ní ibi tirẹ̀, tí a kọ "Special hours" sí. Ibẹ̀ ni yóò kọ ìsinmi Iléyá sí nígbà tí wọ́n bá ti kéde ọjọ́ náà, láìfọwọ́ kan àkókò ojoojúmọ́.

Àyè wà fún àlàyé iṣẹ́ pẹ̀lú, kò sì gbọdọ̀ ju àmì 750 lọ, tí a bá ka lẹ́tà àti àyè àárín ọ̀rọ̀ pọ̀. Ẹni tí kò mọ ohun tí yóò kọ a máa kọ ọ́ báyìí: "Àwa ni a dára jù ní gbogbo Ìbàdàn. Ẹ wá, inú yín yóò dùn." Kò sí ohun tí aránṣọ rí dì mú nínú èyí. Èyí tí ó wúlò ni: "A ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀, èyí tí a ń fọwọ́ yí, àti èyí tí ń lo iná ṣe. A ń ta abẹ́rẹ́ àti bẹ́líìtì. Ẹ̀rọ tí ó bá dé kí agogo 10 tó lù, tí kò sì gba ìpààrọ̀ ohun ńlá, a máa ń parí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú a ń lọ sílé oníbàárà." Ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀n-ún, ẹni tí ó ni iṣẹ́ ni ó lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ ti ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì wá nǹkan lórí fóònù, ó dára kí a kọ ọ́ ní èdè méjèèjì.

Apá kan wà tí kì í ṣe oníṣọ́ọ̀bù ni ó ń kọ ọ́. Àwọn oníbàárà ni yóò fi ìràwọ̀ kan títí dé márùn-ún sọ bí iṣẹ́ ṣe rí, wọn yóò sì kọ ọ̀rọ̀ tì í. Oníṣọ́ọ̀bù lè bẹ̀ wọ́n láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi owó tàbí ẹ̀dínwó rà á, kò sì gbọdọ̀ ní kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ máa dibọ́n bí oníbàárà. Kò lè pa ọ̀rọ̀ tí kò dùn mọ́ ọn rẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ èébú tàbí ayédèrú, ó lè fi sùn; bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èsì nìkan ni ó kù. Ká ní obìnrin kan kọ ọ́ pé, "Mo débẹ̀ ní agogo 3 ọjọ́rú, wọ́n ti tì í," tí ó sì fún un ní ìràwọ̀ kan. Bí ó bá dáhùn pé irọ́ ni, gbogbo ẹni tí ó bá kà á yóò sá. Bí ó bá wò ó tí ó rí i pé àkókò tí òun kọ kò tọ̀nà, kí ó kọ ọ́ pé: "Ẹ má bínú, mà. A ti tún àkókò Ọjọ́rú kọ. Ẹ tẹ̀ wá láago, a ó wá tún ẹ̀rọ náà ṣe nílé yín." Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Kì í ṣe obìnrin yẹn nìkan ni èsì náà wà fún bí kò ṣe àwọn tí yóò kà á lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí ènìyàn bá ń wá alátùn-ún-ṣe, ohun mẹ́ta ni Google ń wò kí ó tó mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ fi hàn: bí iṣẹ́ náà ṣe bá ohun tí ó ń wá mu, bí ó ṣe jìnnà sí i tó, àti bí ṣọ́ọ̀bù náà ṣe lókìkí tó. Oníṣọ́ọ̀bù kò lè ra ipò láàárín wọn, kò sì lè gbé Mọ́kọ́lá súnmọ́ Chálẹ́ńjì. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni òótọ́ ohun tí ó kọ. Ìyẹn náà ń fẹ́ ìtọ́jú, nítorí ẹnikẹ́ni lè tẹ "Suggest an edit", kí ó sì dá a lábàá pé wọ́n ti yí àkókò padà. Google sì lè gba àbá náà. Kí ó máa wo pátákó náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti orí fóònù ẹlòmíràn, gẹ́gẹ́ bí oníbàárà yóò ti rí i. Ohun tí ó bá rí níbẹ̀ tí kò bá ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mu, kí ó tún un ṣe lọ́jọ́ náà gan-an.