Rìkúrútà Fi Iṣẹ́ Ọmọ Tuntun Lọ̀ Yín: Kí Ni Kí Ẹ Fi Dá A Lóhùn?

Àtẹ̀jíṣẹ́ náà máa ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Wọ́n á kí yín, wọ́n á ní àwọn rí ojú ewé yín lórí LinkedIn, wọ́n á ní iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe wú àwọn lórí, àti pé àyè kan wà lọ́wọ́ àwọn tó bá yín mu. Ìgbà tí ẹ bá ka ìyókù ni ẹ ó rí i pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní àgùnbánirọ̀ ni wọ́n ń wá: ọdún kan sí méjì lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ orí tí kò gbọdọ̀ ju 28 lọ, owó oṣù tí kò tó ìdámẹ́rin ohun tí ẹ ń gbà lọ́wọ́lọ́wọ́. Ó máa ń dun èèyàn. Àwọn kan á fi ìbínú fèsì, ọ̀pọ̀ á sì kàn pa á rẹ́ kúrò lórí fóònù. Àdánù ni méjèèjì lójú tèmi, ó sì ń ká mi lára bí mo ṣe ń rí àwọn tó mọṣẹ́ dunjú tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ níwájú wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí orúkọ yín ṣe dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún. Rìkúrútà tó ń wá akántáǹtì kì í jókòó ka ìtàn ìgbésí ayé ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ mélòó kan ló máa tẹ̀ síbi ìṣàwárí: orúkọ iṣẹ́, orúkọ ìlú, bóyá ICAN tàbí orúkọ ẹ̀rọ ìṣirò kan. Orúkọ rẹpẹtẹ á jáde, á fi ojú fò wọ́n, á sì fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí àkọlé tó wà lókè ojú ewé yín bá ṣì ń sọ ohun tí ẹ ń ṣe ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ohun tí yóò rí nìyẹn. Kò díwọ̀n yín rárá. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi síbẹ̀ ló pàdé ọ̀rọ̀ tí òun náà tẹ̀. Torí náà, èsì yín ni àǹfààní àkọ́kọ́ tí onítọ̀hún ní láti mọ ẹni tí ẹ jẹ́ gan-an, kò sì yẹ kí ẹ fi ṣòfò.

Èsì náà wúlò fún òun náà, kódà bó bá jẹ́ pé ẹ kọ iṣẹ́ náà. Iye ìwé tí LinkedIn ń jẹ́ kí rìkúrútà fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ̀ rí ní òǹkà. InMail ni wọ́n ń pè é. Bí ẹni tó gbà á bá fèsì láàárín 90 ọjọ́, ìbáà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, LinkedIn á dá ọ̀kan padà fún un. Tí ẹ bá dákẹ́, ó pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ owó tún wà ńbẹ̀. Rìkúrútà tó dá dúró sábà máa ń gba ìdá kan nínú owó oṣù ọdún àkọ́kọ́ ẹni tó bá rí fún ilé iṣẹ́. Ká ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé. Iṣẹ́ tó ń mú ₦200,000 wá lóṣù á fún un ní ₦360,000 péré, ṣùgbọ́n èyí tó ń mú ₦1,200,000 wá á fún un ní ₦2,160,000. Ó wù ú kó mọ ẹni tó lè gbé sí ipò ńlá.

Kí ẹ tó fèsì ṣá, ẹ rí i dájú pé iṣẹ́ náà kéré lóòótọ́. Orúkọ ipò máa ń tan èèyàn jẹ. Ní àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ọ́físà ni wọ́n ń pe ẹni tó wà ní P-2, tí ọdún 2 lẹ́nu iṣẹ́ tó fún. Ọ́físà náà ni wọ́n ń pe ẹni tó wà ní P-4, tí wọ́n ń béèrè ọdún 7 lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ máníjà ní ilé iṣẹ́ kéékèèké wa kò gbà tó ohun tí irú ọ́físà bẹ́ẹ̀ ń gbà. Ohun mẹ́ta ló máa ń fi ipò hàn: ẹni tí òṣìṣẹ́ náà yóò máa jábọ̀ fún, iye èèyàn tí yóò wà lábẹ́ rẹ̀, àti owó rẹ̀. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ náà kò bá sọ wọ́n, ẹ béèrè ná, kí ẹ má tíì kọ̀ ọ́. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti kọ ọdún kan sí méjì síbẹ̀ kedere, kò sí ohun tí ẹ tún ń wádìí mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú akántáǹtì kan ní Ìkẹjà gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ọdún 12 ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ti gba ìwé ẹ̀rí ICAN, òun ló ń darí ẹ̀ka ìṣirò owó ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike, èèyàn mẹ́fà ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń gba ₦950,000 lóṣù. Rìkúrútà kan wá kọ̀wé sí i pé ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú ń wá ẹni tí yóò máa kọ fáúṣà, tí yóò máa fi ìwé owó ilé iṣẹ́ wé ti báńkì lóṣooṣù, tí yóò sì máa tọ́jú owó ìnáwó kéékèèké. ₦200,000 ni owó rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni obìnrin yìí máa fi dáhùn, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó wà nínú èsì rẹ̀ nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ ṣeun tí ẹ rántí mi. Ẹni tó ti lo ọdún kan tàbí méjì ni iṣẹ́ yìí bá mu. Èmi ti lo ọdún 12, mo ti gba ìwé ẹ̀rí ICAN, èmi ni mo sì ń darí ẹ̀ka ìṣirò owó tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́fà báyìí, nítorí náà n kò ní lè gbà á. Ohun tí mo máa fẹ́ gbọ́ ni ipò olórí ẹ̀ka ìṣirò owó ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà jáde, ní Èkó tàbí ìpínlẹ̀ Ògùn, tí owó oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ₦1,200,000 kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Bí irú rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ rọ̀ mí lọ́rùn.”

Kò sí àwíjàre níbẹ̀, kò sì sí ìbínú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi kọ iṣẹ́ náà, kò sì fi sílẹ̀ bíi pé wọ́n lè rọ òun. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni gbólóhùn tó sọ ohun tó ń fẹ́: ipò, irú ilé iṣẹ́, ìlú, owó. Ohun mẹ́rin tí rìkúrútà lè kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ wọn nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń tọ́jú orúkọ, wọ́n sì máa ń padà wá a. Bí ẹlòmíràn nínú ọ́fíìsì kan náà bá ń wá olórí ẹ̀ka ìṣirò owó fún ilé iṣẹ́ kan ní Àgbárá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ohun tó máa bá níbẹ̀ nìyí. Ẹ wá fi í wé ẹni tó kọ ọ́ pé “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé mi tí nǹkan tó dáa bá dé.” Kí ni rìkúrútà fẹ́ kọ sílẹ̀ níbẹ̀? Ẹni tó ní “Iṣẹ́ yìí ti kéré jù fún irú mi” kò sàn jù ú lọ, nítorí kò tíì sọ irú ẹni tí òun jẹ́.

Àwọn kan á sọ pé kì í ṣe òṣìṣẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ dá owó lé e. Mo gbà bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ pé ẹ ti jókòó ti ilé iṣẹ́, tí ẹ ń dúnàá dúrà. Níbí, ìdúnàádúrà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ẹ kò ní lọ sísàlẹ̀ rẹ̀ lẹ ń fi hàn, kí irú iṣẹ́ ₦200,000 bẹ́ẹ̀ má baà tún dé. Ẹ ṣáà máa rántí sọ bóyá kí wọ́n tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì ni àbí lẹ́yìn rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì nìkan, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2014 ṣe là á kalẹ̀, ó kéré tán ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lára owó òṣìṣẹ́, ibẹ̀ sì ni àìgbọ́ra-ẹni-yé ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá yá.

Ohun rere kan tún wà tí ẹ lè fi kún èsì náà. Bóyá àbúrò kan wà lábẹ́ yín tí iṣẹ́ náà bá mu rẹ́gí, tàbí ọmọ ìjọ yín kan tó ti ń wáṣẹ́ láti ìgbà tó ti sìnrú ìlú tán. Ẹ kọ́kọ́ bi onítọ̀hún léèrè. Ẹ má fi nọ́ńbà ọmọlọ́mọ ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Bó bá ti gbà, ẹ so ọ́ pọ̀ mọ́ rìkúrútà náà. Ọmọ náà lè rí iṣẹ́, rìkúrútà kò sì ní tètè gbàgbé ẹni tó yanjú ìṣòro rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Mo mọ̀ pé ìgbà mìíràn wà tí èèyàn máa fẹ́ iṣẹ́ kékeré náà tinútinú: iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ó ń kúrò nínú ìṣirò owó bọ́ sí iṣẹ́ mìíràn, tàbí ó ń fẹ́ ráàyè tọ́jú òbí tó ń ṣàìsàn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan, nítorí ohun tó máa wà lọ́kàn rìkúrútà ni pé ẹ máa sá lọ bí èyí tó jù ú lọ bá ti dé.

Ẹni tó bá sì ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù, tàbí tó ń pè yín sí àdírẹ́sì kan láìdárúkọ ilé iṣẹ́ tó rán an, kì í ṣe rìkúrútà. Ẹ má dá a lóhùn.

Bí irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ yín tí ẹ kò tíì fèsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a lóhùn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ sì tún àkọlé ojú ewé yín ṣe kí ẹ tó fi èsì náà ránṣẹ́, nítorí bí rìkúrútà bá ti ka èsì yín tán, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ padà lọ wò.