Nọ́ńbà Tó Ń Gòkè: Bí A Ṣe Ń Rí Ọ̀wọ́ Tó Gùn Jù Láìwẹ̀yìn Púpọ̀

Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́jọ yìí bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn: 5, 8, 2, 6, 9, 3, 7, 1. A fẹ́ ṣa díẹ̀ nínú wọn láti òsì lọ sí ọ̀tún, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi ju èyí tí a ṣà ṣáájú rẹ̀ lọ. A lè fo èyí tí a kò bá fẹ́, ṣùgbọ́n a ò gbọ́dọ̀ yí ipò wọn padà. Mélòó ló pọ̀ jù tí a lè ṣà?

Ẹni tó bá ní kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan máa wẹ̀yìn wo gbogbo èyí tó ṣáájú rẹ̀ yóò rí ìdáhùn. Nínú nọ́ńbà mẹ́jọ, iṣẹ́ náà kéré. Tí wọ́n bá wá di 100,000, ìfiwéra náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù márùn-ún.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tó ti kọjá ló yẹ ká rántí. Tí ọ̀wọ́ méjì bá gùn bákan náà, tí ọ̀kan parí sí 8, tí èkejì parí sí 6, èyí tó parí sí 6 ló sàn. Ohunkóhun tó bá lè tẹ̀lé 8 lè tẹ̀lé 6; ṣùgbọ́n 7 lè tẹ̀lé 6, kò sì lè tẹ̀lé 8. Nítorí náà, fún gígùn kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan ṣoṣo la máa fi pamọ́: èyí tó kéré jù tí irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ lè parí sí. Àkójọ àwọn nọ́ńbà ìparí wọ̀nyí ni àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń pè ní `tails`.

Bí nọ́ńbà tuntun bá dé, a ó wá èyí àkọ́kọ́ nínú àkójọ náà tí kò kéré sí i, a ó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá sí irú rẹ̀, a ó fi tuntun náà kún ìparí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. 5 dé: [5]. 8 tóbi jù ú, ó bọ́ sí ìparí: [5, 8]. 2 gba ipò 5: [2, 8]. 6 gba ipò 8: [2, 6]. 9 bọ́ sí ìparí: [2, 6, 9]. 3 gba ipò 6: [2, 3, 9]. 7 gba ipò 9: [2, 3, 7]. 1 gba ipò 2: [1, 3, 7]. Àyè mẹ́ta ló wà nínú àkójọ, nítorí náà mẹ́ta ni ìdáhùn.

Ẹ kíyè sí i pé ìgbà gbogbo ni àkójọ náà ń lọ láti kékeré sí ńlá. Ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀: bí ọ̀wọ́ mẹ́ta bá parí sí 7, ẹnì kejì inú rẹ̀ ti kéré sí 7 ná. Èyí ló jẹ́ ká lè wá nǹkan nínú rẹ̀ bí a ṣe ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè: a ṣí i láàárín, a mọ apá tí ohun tí à ń wá wà, a pa apá kejì tì, a tún pín èyí tó kù sí méjì. Bí àkójọ náà bá tilẹ̀ gùn tó 100,000, ìgbésẹ̀ mẹ́tàdínlógún ti tó fún nọ́ńbà kan. Gbogbo iṣẹ́ náà kò ní ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún méje lọ.

Bó ṣe rí nínú èdè Python nìyí:

```python
from bisect import bisect_left

def lis(a):
    tails = []
    for x in a:
        i = bisect_left(tails, x)
        if i == len(tails):
            tails.append(x)
        else:
            tails[i] = x
    return len(tails)
```

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni pé wọ́n máa ń ka `tails` fúnra rẹ̀ sí ọ̀wọ́ tí wọ́n ń wá. Kì í ṣe òun. Ẹ wo [1, 3, 7]: 1 ló dé kẹ́yìn pátápátá, kò lè ṣáájú 3. Gígùn àkójọ náà ló jóòótọ́, ohun inú rẹ̀ lè má jẹ́ ọ̀wọ́ kankan. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀wọ́ gan-an gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ṣe ń dé, ẹni tó wà ní àyè tó ṣáájú tirẹ̀ lákòókò náà. Nígbà tí 7 dé, 3 ló wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí 3 dé, 2 ni. Bí a bá tọ ipasẹ̀ yìí padà láti 7, ọ̀wọ́ tòótọ́ yóò jáde: 2, 3, 7.

Ìṣòro kejì ni nọ́ńbà tó dọ́gba. `bisect_left` kò gbà kí méjì tó dọ́gba jọ wà nínú ọ̀wọ́ kan. Bí a bá fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, `bisect_right` ni ká lò. Ẹ fi 4, 4, 4 dán ètò yín wò: ti àkọ́kọ́ yóò fún yín ní 1, èkejì yóò fún yín ní 3.

Ní 1975, Michael Fredman fi hàn pé ẹni tó bá ń fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà nìkan kò lè fi ìfiwéra tó kéré sí ìwọ̀n n log n ṣe iṣẹ́ yìí ní gbogbo ìgbà. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀nà mìíràn tó lè fi ìyàtọ̀ ńlá yá ju èyí lọ.