Yíyọ àmì omi àti àmì ìkòkò gbígbóná kúrò lórí tábìlì onífáníìṣì

Àmì omi àti àmì ìkòkò gbígbóná ni àwọn àbàwọ́n tó máa ń hàn lórí tábìlì onígi tí wọ́n kùn ní fáníìṣì, nígbà tí ife olómi tútù, ife tíì tàbí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná bá jókòó lé e. Àmì ife máa ń rí roboto bí òrùka. Ti ìkòkò sábà máa ń jẹ́ ojú funfun kan tó fẹ̀ tó ìdí ìkòkò náà. Ohun tó ń pinnu bí a ṣe lè yọ wọ́n ni ibi tí omi náà dé, àwọ̀ àmì náà ló sì ń fi èyí hàn. Bí àmì bá funfun, inú fáníìṣì ni omi wà. Bí ó bá dúdú, omi ti la fáníìṣì kọjá wọ inú igi.

Ohun tó ń fa àmì funfun

Fáníìṣì jẹ́ awọ tín-ínrín tó mọ́ gaara. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ dé ara igi, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ igi fi ń hàn. Bí ọ̀rinrin bá há sínú awọ yìí, ó máa ń fa àwọn ihò kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bá wọn pàdé á fọ́n káàkiri, ojú ibẹ̀ á sì funfun. Bákan náà ni ìfófó ọṣẹ ṣe ń funfun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi tí a fi pò ó kò ní àwọ̀.

Ìkòkò gbígbóná máa ń mú kí èyí yá kánkán. Ooru rẹ̀ á sọ fáníìṣì di rírọ̀, ọ̀rinrin tó wà lábẹ́ ìkòkò á sì ráyè wọlé. Nígbà tí ojú tábìlì bá tutù, fáníìṣì á tún le, ọ̀rinrin á sì há síbẹ̀. Nítorí náà, aṣọ tútù tí a tẹ́ sábẹ́ ìkòkò gbígbóná kì í dáàbò bo tábìlì. Ó tún ń fi omi kún ooru ni.

Mímọ irú fáníìṣì tó wà lórí tábìlì

Kí a tó fi ọwọ́ kan àmì náà, ó yẹ kí a mọ irú ohun tí wọ́n fi kùn ún. Fáníìṣì onísípírítì ni wọ́n ń fi ṣẹ́láàkì ṣe, ìyẹn oje tí kòkòrò kan máa ń tú jáde sára ẹ̀ka igi ní orílẹ̀-èdè bí Íńdíà àti Táílándì. Òun ló tètè máa ń funfun jù, sípírítì sì lè yọ́ ọ. Lákà máa ń yọ́ bí tínà bá kàn án. Pólíyúrítéènì le ju méjèèjì lọ, sípírítì kì í yọ́ ọ.

Ìdánwò rẹ̀ kò ṣòro. Kí a kán sípírítì ẹ̀kán kan sí abẹ́ etí tábìlì níbi tí ojú kò ti ní rí i, kí a dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí a sì fi ìka kàn án. Bí ibẹ̀ bá ń lẹ̀ mọ́ ìka, fáníìṣì onísípírítì ni.

Àwọn ìgbésẹ̀

Èyí tó rọ̀ jù ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì dúró ní gbàrà tí àmì bá ti lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni láti nu ojú tábìlì gbẹ, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Àmì tuntun lè lọ fúnra rẹ̀.

Bí kò bá lọ, a ó lo ooru díẹ̀. Kí a ká aṣọ òwú funfun tó gbẹ sí ìṣẹ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin lé àmì náà, kí a sì fi áyọ́ọ̀nù tí kò ní omi nínú, tí a yí sí ooru tó kéré jù, tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10. Kí a gbé e sókè, kí a wò ó, kí a sì tún un ṣe. Ooru náà á tún rọ fáníìṣì, ọ̀rinrin á sì rí ọ̀nà jáde. Bí aṣọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ tábìlì, ooru ti pọ̀ jù. Bí ojú tábìlì bá jẹ́ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ pákó mìíràn, ooru púpọ̀ lè mú kí ó ṣí.

Ẹ̀kẹta ni òróró. Kí a fi fáàsìlín bo àmì náà di òwúrọ̀, kí a sì nù ún kúrò. Òróró máa ń dí àwọn ihò tó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, ìmọ́lẹ̀ á sì tún ráyè kọjá.

Ìkẹyìn ni fífi ohun tó kúnná pa ojú ibẹ̀. Kí a po eérú tí a ti jọ̀ mọ́ òróró díẹ̀, kí a fi aṣọ rírọ̀ pa á lé àmì náà, kí a máa tẹ̀ lé ìlà igi. Èyí ń ṣiṣẹ́ nítorí pé funfun náà kì í sábà jìn. Ó tún ń bó fáníìṣì díẹ̀díẹ̀, nítorí náà kí a máa nù ún wò léraléra.

Àpẹẹrẹ kan

Ká ní tábìlì ọ̀gànwó kan ní òrùka ife tíì àti àmì ìkòkò ọbẹ̀, méjèèjì funfun. Ìdánwò sípírítì mú kí abẹ́ etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìka. Lẹ́yìn tí a fi áyọ́ọ̀nù tẹ òrùka náà ní ìgbà mẹ́fà, ó lọ. Ti ìkòkò dín kù, ṣùgbọ́n ó ṣì rí bí ìkùukùu. Fáàsìlín òru kan mú àárín rẹ̀ mọ́, ó sì ku etí rẹ̀. Eérú àti òróró yọ ìyókù láàárín ìṣẹ́jú méjì, àmọ́ dídán ibẹ̀ dín kù. Ìda díẹ̀ tí a fi aṣọ gbígbẹ pa á ló dá dídán náà padà. Bí ẹni tó ni tábìlì yìí bá ti kọ́kọ́ da sípírítì sórí rẹ̀, fáníìṣì gan-an ni ìbá ti yọ́.

Ibi tí àwọn ọ̀nà yìí kò dé

Àmì dúdú kò ní gbọ́ ooru tàbí òróró. Omi ti dé ara igi, ó sì lè ti mú kí irin tó wà nínú rẹ̀ tàbí ní ìdí ìkòkò bá tánìnì inú igi dà pọ̀ di dúdú, tàbí kí èéhù hù níbẹ̀. Fáníìṣì ni a ó kọ́kọ́ bó kúrò pátápátá. Lẹ́yìn náà ni káfíńtà lè fi ásíìdì ọ́sálíìkì fọ àbàwọ́n tí irin fà, kí ó sì kun tábìlì lọ́tun. Májèlé ni ásíìdì náà, ìbọ̀wọ́ sì pọn dandan.

Bákan náà, bí èékánná bá ń kọ́ nígbà tí a fi í wọ́ ojú àmì funfun, fáníìṣì ti sán tàbí ó ti wú. Kíkùn lọ́tun nìkan ló lè tún irú ojú bẹ́ẹ̀ ṣe.